Búrẹ́dì mẹ́ta lórí òṣùwọ̀n kan

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí búrẹ́dì.

Ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́ àti ní ìhà Atakpamé, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi búrẹ́dì mu ògì kí wọ́n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn àgbẹ̀ náà ń rà á lọ́nà oko. Nítorí náà, owó kékeré tí a ń ná sórí búrẹ́dì lójoojúmọ́ máa ń di owó ńlá bí oṣù bá parí.

Oríṣi búrẹ́dì kò sì jẹ́ ẹyọ kan mọ́. Àwọn kan ń sọ pé èyí tí a ti gé sínú ọ̀rá ló dára jù, nítorí pé ó mọ́ tónítóní, ó sì rọ̀. Àwọn mìíràn ń sọ pé èyí tó dúdú díẹ̀ ni oúnjẹ aláìsàn àtọ̀gbẹ. Àwọn tí kò lówó púpọ̀ a máa rò pé èyí tí àwọn ń rà lẹ́bàá ọ̀nà ni kò dára tó. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n fúnra wa? Ohun mẹ́ta ni a ó yẹ̀ wò: ohun tó wà nínú búrẹ́dì, bó ṣe jẹ́ tuntun sí, àti iye tó ń náni.

1. Àwọn búrẹ́dì mẹ́ta náà

Èkíní ni búrẹ́dì àdúgbò. Òun ni búrẹ́dì gígùn tí ilé búrẹ́dì ìlú wa ń yan lóru, tí àwọn obìnrin sì ń gbé tà láàárọ̀. Àwọn kan ń pè é ní bàgẹ́ẹ̀tì. Èèpo rẹ̀ le, inú rẹ̀ ní ihò púpọ̀.

Èkejì ni búrẹ́dì gígé. Onígun mẹ́rin ni. Wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó dì í sínú ọ̀rá. Èèpo rẹ̀ rọ̀, inú rẹ̀ sì funfun bí òwú.

Ẹ̀kẹta ni búrẹ́dì odidi àlìkámà. Ìyẹ̀fun tí a kò yọ èèrí rẹ̀ kúrò ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí àwọ̀ ilẹ̀. Ilé-ìtajà ńlá ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́ àti ní Lómè ni a ti sábà ń rí i.

2. Kí ló wà nínú wọn?

Àlìkámà ni ìpìlẹ̀ gbogbo wọn. A kì í gbìn ín ní oko wa. Láti òkè òkun ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó o wá sí Kútọnu àti sí Lómè, níbẹ̀ ni àwọn ilé ìlọ ńlá ti ń lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun.

Ẹ ronú nípa àgbàdo tí ẹ fi ń ṣe ògì. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ tán, ẹ ó sẹ́ ẹ. Ògì a lọ sísàlẹ̀, èèrí a kù sínú asẹ́, ẹ ó sì gbé èèrí náà fún ẹlẹ́dẹ̀ tàbí adìyẹ. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe sí àlìkámà. Hóró àlìkámà ní apá mẹ́ta: èèpo òde, ojú tí yóò hù nígbà tí a bá gbìn ín, àti funfun inú rẹ̀. Bí ilé ìlọ bá lọ 100 kílò àlìkámà, nǹkan bí 75 kílò ìyẹ̀fun funfun ni yóò rí. Ìyókù, tí í ṣe èèpo àti ojú ìhù, di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn.

Nínú ohun tí wọ́n yọ kúrò yìí ni fíbà pọ̀ sí. Fíbà ni apá oúnjẹ tí ikùn kò lè dà. Kò wúlò fún agbára, ṣùgbọ́n òun ló ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀, kí ó sì tètè jáde. Ó tún ń mú kí ènìyàn yó pẹ́. Nínú 100 gíráàmù búrẹ́dì funfun, fíbà tó wà níbẹ̀ tó bí 3 gíráàmù. Nínú 100 gíráàmù búrẹ́dì odidi àlìkámà, ó tó bí 7 gíráàmù. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ gíráàmù mẹ́rin. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ilé búrẹ́dì àdúgbò. Fún 10 kílò ìyẹ̀fun funfun, oníbúrẹ́dì yóò da bíi lítà omi mẹ́fà sí i, yóò fi bíi 200 gíráàmù iyọ̀ sí i àti ìwúkàrà díẹ̀. Ó lè fi ìyẹ̀fun amúbúrẹ́dì-wú díẹ̀ kún un. Kò fi ṣúgà sí i, kò sì fi òróró sí i, àyàfi bó bá ń ṣe búrẹ́dì aládùn. Lẹ́yìn náà ni yóò gé e ní 200 gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Nínú ààrò, omi yóò gbẹ nínú rẹ̀, nǹkan bí 160 gíráàmù ni yóò sì jáde.

Búrẹ́dì gígé ní ìyẹ̀fun funfun kan náà. Ohun tí wọ́n fi kún un ló mú un yàtọ̀: ṣúgà, òróró tàbí màgàrínì, nígbà mìíràn wàrà gbígbẹ. Wọ́n tún ń fi ohun tí kì í jẹ́ kí ó tètè le sí i, àti ohun tí kì í jẹ́ kí ó tètè bu. Ẹ ó rí nọ́ńbà wọn lára ọ̀rá. E 471 wà fún rírọ̀. E 282 wà fún bíbu. Wọn kì í ṣe májèlé ní ìwọ̀n tí òfin gbà, ṣùgbọ́n wọn kì í fi agbára kún ara ọmọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ra búrẹ́dì gígé funfun, ẹ kò ra oúnjẹ tó sàn ju ti àdúgbò lọ. Rírọ̀, gígé àti pípẹ́ ni ẹ fi owó rà.

3. Gbogbo búrẹ́dì dúdú kọ́ ni odidi àlìkámà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ owó nù. Ṣúgà tí a jó títí ó fi dúdú lè pa búrẹ́dì funfun láró. E 150 ni nọ́ńbà rẹ̀ lára ọ̀rá. Oníbúrẹ́dì mìíràn sì lè bu ẹ̀kúnwọ́ èèrí kan sínú ìyẹ̀fun funfun, kí ó wọ́n díẹ̀ sókè rẹ̀, kí ó wá tà á ní owó ńlá.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀? Òfin kan wà fún àkọlé ara ọ̀rá: ohun tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ, èyí tó tẹ̀ lé e yóò tẹ̀ lé e, títí dé èyí tó kéré jù. Faransé ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́. Bí ẹ kò bá gbọ́ Faransé, ẹ ní kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan kà á sókè, kí ẹ sì fetí sílẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bá jẹ́ «fàrín kọ̀ńplẹ́ẹ̀tì», odidi àlìkámà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ «fàrín dù bùlé» nìkan, ìyẹ̀fun funfun ni. Bí ẹ bá gbọ́ «sọ́n», èèrí tí wọ́n fi kún un ni.

Nísinsìnyí, ẹ wá ibi tí iyọ̀ wà nínú ìlà náà. Iyọ̀ inú búrẹ́dì kì í sábà tó 2 gíráàmù nínú 100. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn iyọ̀ kéré ju iyọ̀ lọ. Bí ìyẹ̀fun odidi tàbí èèrí bá wà lẹ́yìn iyọ̀, a jẹ́ pé wọ́n kàn ta á sí i lẹ́nu ni. Búrẹ́dì funfun tó wọ aṣọ dúdú ni ẹ mú lọ́wọ́.

Bí búrẹ́dì náà kò bá ní àkọlé ńkọ́? Ẹ bi oníbúrẹ́dì léèrè.

— Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ìyẹ̀fun wo lẹ fi ṣe búrẹ́dì dúdú yìí?
— Ìyá, ti odidi ni.
— Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àpò rẹ̀ hàn mí.

Lára àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣe ní ìlànà Faransé, nọ́ńbà kan máa ń wà lẹ́yìn lẹ́tà T. T55 ni ìyẹ̀fun funfun tí a fi ń ṣe búrẹ́dì gígùn. T150 ni odidi. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni èèrí ṣe pọ̀ tó. Oníbúrẹ́dì tó ń ṣe òótọ́ kò ní bínú nítorí ìbéèrè yìí.

Ohun kan wà tí ojú kò lè rí rárá. Láyé àtijọ́, àwọn oníbúrẹ́dì ń fi bùròmétì sínú ìyẹ̀fun kí búrẹ́dì lè wú dáadáa. Ní ọdún 1999, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ó ti lé ní 20 ọdún tí Nàìjíríà ti kà á léèwọ̀ nínú búrẹ́dì. Síbẹ̀, àyẹ̀wò ti bá a nínú àwọn búrẹ́dì kan lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra búrẹ́dì tó kọjá ẹnubodè wá sí Kétu tàbí Àjàṣẹ́, ẹ má ṣe ra èyí tí kò ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é lára ọ̀rá. Orúkọ náà kò sọ pé kò sí bùròmétì níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wàhálà bá dé, a ó mọ ẹni tí a ó bi.

4. Tuntun, líle, àti èyí tó ti bàjẹ́

Búrẹ́dì tó le àti búrẹ́dì tó bàjẹ́ kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ jẹ́ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí ló ń mú kí búrẹ́dì le? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé omi inú rẹ̀ ló gbẹ. Ìyẹn jẹ́ òótọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ẹ wo ògì gbígbóná nínú ìkòkò: ó ń ṣàn. Bí ẹ bá pọ́n ọn sínú ewé, tó sì tutù, ó di ẹ̀kọ, ó dúró gbagidi. Omi kò kúrò nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun náà ló dì bó ṣe ń tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni búrẹ́dì ṣe ń le, àní nínú ọ̀rá tí a dì pinpin.

Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a fi búrẹ́dì sínú fìríjì bí a bá fẹ́ kí ó rọ̀. Inú òtútù fìríjì ni dídì náà ti ń yára jù. Ó kàn jẹ́ pé fìríjì ń dá bíbu dúró díẹ̀ ni. Bí búrẹ́dì bá sì le, iná lè mú un rọ̀ padà. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i lára, ẹ gbé e sínú ìkòkò gbígbẹ, ẹ dé e, kí ẹ fi sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Kíá ni kí ẹ jẹ ẹ́, nítorí pé bó bá tún tutù, yóò le ju ti ìṣáájú lọ. Búrẹ́dì líle kò léwu. A lè rẹ ẹ́ sínú ògì.

Búrẹ́dì àdúgbò máa ń le láàárín ọjọ́ kan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bó bá jẹ́ tuntun, ẹ rọra tẹ ẹ́. Èèpo tuntun a máa dún pẹ̀pẹ̀pẹ̀ lábẹ́ ìka. Ní àsìkò òjò, èèpo náà a rọ̀ bí awọ nítorí ọ̀rinrin. Ní àsìkò ọyẹ́, a le bí igi. Ẹ má ṣe dì í sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì gbóná. Ooru rẹ̀ yóò di omi sínú ọ̀rá, omi náà ni yóò sì jẹ́ kí ó tètè bu. Aṣọ mímọ́ ló dára láti fi wé e.

Ní ti búrẹ́dì gígé, ẹ má ṣe fi rírọ̀ rẹ̀ mọ tuntun. Wọ́n ṣe é kí ó lè rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ ni. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ọ̀rá ni kí ẹ wò. Ọjọ́ náà sì wà fún ọ̀rá tí a kò tíì tú, tí oòrùn kò sì pa lójú ọjà. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ àti igun rẹ̀. Bí omi bá sé sínú ọ̀rá, ẹ fi í sílẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó ti bàjẹ́? Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni bíbu. Ẹ ó rí ohun kan tó dà bí òwú lára rẹ̀, tó funfun, tó dà bí ewé, tàbí tó dúdú. Ìbátan olú inú igbó ni. Bí olú ṣe ní okùn tín-ín-rín tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí ní okùn tó ń rìn nínú búrẹ́dì níbi tí ojú kò tíì rí. Nítorí náà, ẹ má ṣe ha á kúrò kí ẹ sì jẹ ìyókù. Bí gígé kan bá bu nínú ọ̀rá, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ má ṣe fi fún adìyẹ, nítorí pé àwọn kan nínú ohun tó ń bu yìí ní májèlé.

Ọ̀nà kejì kò hàn sí òde. Ẹ ó kọ́kọ́ gbóòórùn bíi ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti pọ́n kọjá. Bí ẹ bá bù ú sí méjì, inú rẹ̀ yóò ti rọ̀, yóò sì máa yọ̀ bí ilá. Kòkòrò kan tí ojú kò rí, tó wà nínú ìyẹ̀fun, ló fà á. Iná ààrò kì í pa irúgbìn rẹ̀ tán láàárín búrẹ́dì. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀, ó lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ má ṣe jẹ ẹ́. Ẹ lọ sọ fún oníbúrẹ́dì, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ fọ pákó, ọpọ́n àti ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó bá yan lọ́la yóò tún yọ̀.

Búrẹ́dì odidi àlìkámà ló tètè ń bọ́ sínú wàhálà yìí jù, nítorí pé èèpo òde ni irúgbìn kòkòrò náà ń lẹ̀ mọ́. Òróró tún wà nínú ojú ìhù tí wọn kò yọ. Bí ìyẹ̀fun rẹ̀ bá pẹ́ nínú ooru, òróró náà a kan. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa kíkorò lẹ́nu àti òórùn òróró àtijọ́. Búrẹ́dì odidi tí ọjọ́ rẹ̀ ti ń parí kì í ṣe ohun tí a ń rà nítorí ìlera.

5. Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n, ẹ wọ̀n ọ́n

Afẹ́fẹ́ ló kún inú búrẹ́dì. Èyí tó tóbi lójú lè fúyẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, a kò lè fi ojú mọ èyí tó pọ́n. A gbọ́dọ̀ mọ iye tí 100 gíráàmù rẹ̀ ń náni.

Ìṣirò náà rọrùn: ẹ mú owó búrẹ́dì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, kí ẹ sì pín in sí ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù.

Ìwọ̀n búrẹ́dì gígé wà lára ọ̀rá. Ti búrẹ́dì àdúgbò kò sí lára rẹ̀. Bí òṣùwọ̀n alápatà kò bá lè wọn ohun tó fúyẹ́, ẹ kó búrẹ́dì mẹ́wàá sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì pín ìwọ̀n náà sí mẹ́wàá. Bí mẹ́wàá bá wọn 1.600 gíráàmù, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 160 gíráàmù.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ní ọdún 2022, lẹ́yìn tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní Yukirénì, owó àlìkámà gòkè ní gbogbo ayé. Nígbà tí ìyẹ̀fun bá wọ́n, oníbúrẹ́dì lè má fi owó kún un, kí ó dín ìwọ̀n kù. Bí búrẹ́dì 150 fàránkì bá ti 160 gíráàmù bọ́ sí 140, 100 gíráàmù rẹ̀ ti kúrò ní 94 fàránkì, ó ti di 107. Owó ti gòkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

6. Ẹ jẹ́ kí a bá ìyá kan ṣírò

Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan ní Kétu. Ó ní ọmọ mẹ́rin. Àwọn márààrún ń jẹ bíi 480 gíráàmù búrẹ́dì láàárọ̀. Àwọn owó tí a ó lò yìí jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹ fi owó ọjà yín rọ́pò wọn.

Búrẹ́dì àdúgbò: 160 gíráàmù, 150 fàránkì. 100 gíráàmù jẹ́ bí 94 fàránkì.

Búrẹ́dì gígé: 450 gíráàmù, 900 fàránkì. 100 gíráàmù jẹ́ 200 fàránkì.

Búrẹ́dì odidi àlìkámà: 400 gíráàmù, 1.200 fàránkì. 100 gíráàmù jẹ́ 300 fàránkì.

Fún 480 gíráàmù, ìyá yìí yóò ra búrẹ́dì àdúgbò mẹ́ta ní 450 fàránkì. Bó bá jẹ́ gígé ni, yóò jẹ́ 960. Bó bá jẹ́ odidi ni, yóò jẹ́ 1.440.

Wọ́n ti sọ fún un pé odidi dára fún ikùn àwọn ọmọ. Òótọ́ ni. Ẹ rántí gíráàmù mẹ́rin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Nínú 480 gíráàmù, fíbà odidi fi bíi 19 gíráàmù ju ti búrẹ́dì funfun lọ. Gíráàmù 19 yìí ni yóò fi 990 fàránkì rà láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ǹjẹ́ ibòmíràn wà tó ti lè rí i? Ó wà. Ẹ wo ẹ̀wà. Bí kílò ẹ̀wà kan bá jẹ́ 800 fàránkì, 250 gíráàmù rẹ̀ jẹ́ 200 fàránkì. Nínú ẹ̀wà gbígbẹ 250 gíráàmù yìí, fíbà tó wà níbẹ̀ lé ní 25 gíráàmù. Ó ti ju 19 tí a ń wá lọ. Ó sì tún ní ohun tó ń mú ọmọ dàgbà, tí búrẹ́dì odidi kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Búrẹ́dì àdúgbò 450, ẹ̀wà 200, àpapọ̀ jẹ́ 650 fàránkì. Ẹ jẹ́ kí a fi 300 kún un fún epo, ata àti igi ìdáná. Ó di 950. Síbẹ̀, ó fi 490 fàránkì dín sí búrẹ́dì odidi, ó sì kéré díẹ̀ sí búrẹ́dì gígé tí kò ní nǹkan kan nínú. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà tí àwọn ìyá wa ti ń jẹ láti ọjọ́ pípẹ́ ló borí lórí òṣùwọ̀n.

Ohun kan wà tí ìṣirò yìí kò kà: àkókò. Ẹ̀wà ń pẹ́ lórí iná. Ìyá tó ń jáde láago márùn-ún àárọ̀ lè sè é lálẹ́, kí ó sì tún un gbé kaná dáadáa láàárọ̀ títí yóò fi hó. Bí ẹ̀wà bá ti ń kan, kí ó dà á nù.

7. Ìgbà wo ni a lè ra èyí tó wọ́n?

Búrẹ́dì gígé wúlò fún ẹni tó ń rìnrìn-àjò ọjọ́ méjì mẹ́ta, tàbí fún abúlé tí oníbúrẹ́dì kì í dé lójoojúmọ́. Búrẹ́dì 160 gíráàmù tí ìdajì rẹ̀ lé tí a sì dà nù kò pọ́n mọ́: owó 100 gíráàmù tí a jẹ ti di 188 fàránkì.

Búrẹ́dì odidi wúlò fún àgbàlagbà kan tí ìgbẹ́ ń ṣòro fún, tó ń jẹ gígé méjì lójúmọ́, tó sì ní agbára àtirà á. Kí ó máa mu omi dáadáa pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ńkọ́? Kí ó gbọ́ èyí dáadáa. Búrẹ́dì odidi kì í ṣe oògùn. Ó ṣì ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ sàn díẹ̀ ju funfun lọ. Bó bá ti ń jẹ gígé méjì funfun, kí ó má ṣe sọ ọ́ di mẹ́rin nítorí pé ó dúdú. Ìwọ̀n tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá fún un ni kí ó tẹ̀ lé. Bó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi ṣúgà jíjó pa láró ló ń jẹ, búrẹ́dì funfun gan-an ló ń jẹ láìmọ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni wọ́n ń yọ kúrò lára àlìkámà kí ìyẹ̀fun tó funfun? Kí ló jọ ọ́ nínú iṣẹ́ ògì?
2. Lára ọ̀rá búrẹ́dì dúdú kan, wọ́n to àwọn nǹkan yìí: ìyẹ̀fun funfun, omi, ṣúgà, òróró, iyọ̀, èèrí, E 150. Ṣé odidi àlìkámà ni? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín búrẹ́dì tó le àti búrẹ́dì tó bu? Èwo ni a lè jẹ?
4. Búrẹ́dì kan wọn 200 gíráàmù, owó rẹ̀ jẹ́ 250 fàránkì. Èlò ni 100 gíráàmù rẹ̀?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kí ẹgbẹ́ yín ra búrẹ́dì mẹ́wàá lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì méjì tó yàtọ̀, márùn-ún lọ́dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ṣírò owó 100 gíráàmù, kí ẹ sì kọ ọ́ sára pátákó pẹ̀lú ọjọ́ oṣù. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ pín búrẹ́dì náà jẹ.